Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Pé A Ti Ka Ìyọkúrò Kan Lẹ́ẹ̀mejì Kí Ìwé Owó Orí Tó Lọ

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí wọ́n gbé ìwé owó orí tí ẹlòmíràn ti kọ lé lọ́wọ́, tí wọ́n sì ní kó yẹ̀ ẹ́ wò kó tó lọ sí iléeṣẹ́ owó orí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fẹ́ tú palẹ̀: owó ìfẹ̀yìntì tí agbanisíṣẹ́ ti yọ kúrò nínú owó oṣù kó tó ṣírò owó orí, tí ẹni tó kọ ìwé sì tún yọ lẹ́ẹ̀kejì ní orúkọ oníbàárà. Àṣìṣe yìí rọrùn láti gbójú fò, nítorí pé ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń jẹ́rìí sí owó náà, òtítọ́ sì ni ìwé méjèèjì ń sọ. Ẹni tó bá kàn ń wá irọ́ kò ní rí nǹkan kan.

Ìtàn oníṣirò owó kan tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. A kò fi orúkọ owó ìlú kankan sí àwọn iye inú rẹ̀, ti àpẹẹrẹ sì ni òṣùwọ̀n owó orí tí a lò: ìpín 15 nínú ọgọ́rùn-ún lórí 50,000 àkọ́kọ́ tí ènìyàn pa lọ́dún, àti ìpín 25 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ohun tó bá lé. Kí olúkúlùkù fi òṣùwọ̀n ìlú tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

Ohun tó wà nínú fáìlì

Oníbàárà náà jẹ́ òṣìṣẹ́ olówó oṣù, kò ní òwò, kò ní ilé tó fi ń gba owó, ibi iṣẹ́ kan ṣoṣo ló sì ti ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún owó orí dé òpin rẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ ọ̀dọ́ oníṣirò wa ló ti kọ ìwé náà tán, ọ̀gá wọn sì fẹ́ fọwọ́ sí i ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ìwé ẹ̀rí owó ọdún láti ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́ wà nínú fáìlì, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé owó oṣù kan, àkọsílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì, àti ìwé owó orí ọdún tó kọjá.

Ìwé tí wọ́n ti kọ sọ báyìí: owó tó wọlé 55,200, ìyọkúrò owó ìfẹ̀yìntì 6,000, ohun tó kù tí owó orí yóò bá 49,200, owó orí 7,380. Agbanisíṣẹ́ ti yọ 8,800 láàárín ọdún, nítorí náà, ìjọba yóò dá 1,420 padà. Ìṣirò inú rẹ̀ tọ̀nà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: bẹ̀rẹ̀ láti orí owó tí ìjọba yóò dá padà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò láti ìlà àkọ́kọ́, wọ́n á sì máa fi àmì sí iye kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń rí i nínú ìwé ẹ̀rí. Bí a bá ṣe é bẹ́ẹ̀ nínú fáìlì yìí, gbogbo rẹ̀ ni yóò gba àmì. 55,200 wà nínú ìwé agbanisíṣẹ́ lóòótọ́, àwọn iye tó di 6,000 náà sì wà nínú àkọsílẹ̀ owó ìfẹ̀yìntì.

Ìsàlẹ̀ ni ọ̀dọ́ oníṣirò náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó bi ara rẹ̀ pé, kí ni ìwé yìí mọ̀ tí agbanisíṣẹ́ kò mọ̀? Ìbéèrè náà ṣe kókó, nítorí pé agbanisíṣẹ́ ti ń ṣírò owó orí ní oṣooṣù lórí gbogbo ohun tó mọ̀ nípa òṣìṣẹ́ rẹ̀. Bí owó ẹni náà kò bá ní orísun mìíràn, tí agbanisíṣẹ́ sì ṣírò dáadáa, kò yẹ kí owó kankan padà wá àfi lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn agbanisíṣẹ́. Ó wo inú àkọsílẹ̀ owó ìfẹ̀yìntì, ohun kan ṣoṣo ló sì rí tó bá àpèjúwe yìí mu: owó àfikún 1,200 tí oníbàárà fúnra rẹ̀ san láti inú àpò rẹ̀ nílé ìfowópamọ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá tilẹ̀ bọ́ sí abẹ́ òṣùwọ̀n tó ga jù, ìpín 25 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ kò ju 300 lọ.

Ìwé sì ń béèrè 1,420. Ó fi 1,120 ju ohun tí ó lè ṣàlàyé lọ. Ní àkókò yìí, kò tíì mọ ohun tó wọ́, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ pé nǹkan kan wọ́, ó sì ti mọ bí ó ṣe tóbi tó.

Ọgbọ́n yìí ní ààlà. Bí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àárín ọdún, tàbí tí ó ṣe iṣẹ́ méjì, tàbí tí agbanisíṣẹ́ kò ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ fún oṣù mélòó kan, owó ńlá lè padà wá láìsí àṣìṣe kankan. Ìdí nìyẹn tí a fi kọ́kọ́ sọ pé ibi iṣẹ́ kan ni oníbàárà yìí wà jálẹ̀ ọdún. Kí ẹ rí i dájú kí ẹ tó gbára lé e.

Ìgbésẹ̀ kejì: rin láti odidi owó dé owó tí owó orí bá

Ìwé ẹ̀rí owó ọdún sábà máa ń ní iye méjì: odidi owó tí òṣìṣẹ́ gbà kí wọ́n tó yọ ohunkóhun, àti owó tí agbanisíṣẹ́ ṣírò owó orí lé. Èyí èkejì ni a máa ń kọ sínú fọ́ọ̀mù, ojú sì máa ń fo èkíní. Nínú fáìlì yìí, odidi owó jẹ́ 60,000, owó tí wọ́n ṣírò lé sì jẹ́ 55,200. Àlàfo tó wà láàárín wọn jẹ́ 4,800.

Ọ̀dọ́ oníṣirò náà wá gbé àkọsílẹ̀ owó ìfẹ̀yìntì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nínú rẹ̀, 4,800 wá láti inú owó oṣù òṣìṣẹ́, tí í ṣe ìpín 8 nínú ọgọ́rùn-ún odidi owó rẹ̀. 5,400 wá láti ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́. 1,200 sì ni owó àfikún tí a ti mẹ́nu bà. Ẹni tó kọ ìwé mọ̀ pé 5,400 kì í ṣe owó oníbàárà, ó sì fi í sílẹ̀. Ó kó 4,800 àti 1,200 pọ̀, ó di 6,000. 4,800 yìí kan náà ló sì kún inú àlàfo tó wà nínú ìwé agbanisíṣẹ́.

Kò tíì tó láti pariwo. Iye méjì lè dọ́gba kí wọ́n má jẹ́ ohun kan náà; àlàfo 4,800 lè jẹ́ ti owó ìwòsàn tàbí ti ìrànwọ́ mìíràn tí òfin yọ. Bákan náà, àwọn agbanisíṣẹ́ mìíràn wà tí ìwé ẹ̀rí wọn kò ní ju iye kan ṣoṣo lọ, tí a kò ní rí àlàfo rárá. Nínú ọ̀ràn méjèèjì, ìwé owó oṣù ni yóò là á.

Ìgbésẹ̀ kẹta: jẹ́ kí ìwé owó oṣù kan jẹ́rìí

Ibí ni kí a ti fara balẹ̀, torí ibí ni àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀dọ́ oníṣirò náà fi ohun tó rí han ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ìyẹn fa ìwé owó oṣù yọ, ó sì fi ìka tọ́ ọ.

“Wò ó dáadáa. Owó oṣù, 5,000. Owó orí ló tẹ̀ lé e, 733.33. Lẹ́yìn ìyẹn ni owó ìfẹ̀yìntì, 400. Ohun tó gbà lọ sílé, 3,866.67. Owó orí ni wọ́n kọ́kọ́ yọ. Owó ìfẹ̀yìntì kò rí ẹ̀dínwó kankan gbà níbẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà jọ òtítọ́, ọ̀pọ̀ ló sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ṣe to àwọn ìlà sórí ìwé owó oṣù kò sọ bí a ṣe ṣírò wọn. Ẹni tó ṣe kọ̀ǹpútà owó oṣù ló to ìlà bó ṣe wù ú. Òmíràn fi owó orí ṣáájú nítorí pé ti ìjọba ni. Ìṣirò nìkan ló lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sì gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ẹ gbà pé wọ́n ṣírò owó orí lórí 5,000 lóṣù. Lọ́dún, ó jẹ́ 60,000. Owó orí 50,000 àkọ́kọ́ jẹ́ 7,500, ti 10,000 tó kù jẹ́ 2,500; àpapọ̀ rẹ̀ 10,000. Bí a bá pín in sí oṣù 12, oṣù kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ 833.33. Ẹ wá gbà pé wọ́n kọ́kọ́ yọ 400 kúrò, tí wọ́n ṣírò lórí 4,600. Lọ́dún, ó jẹ́ 55,200. 7,500 lórí 50,000, pẹ̀lú 1,300 lórí 5,200 tó kù, jẹ́ 8,800. Oṣù kọ̀ọ̀kan, 733.33.

Ìwé owó oṣù sọ pé 733.33. Wọ́n ti yọ owó ìfẹ̀yìntì kí wọ́n tó ṣírò owó orí, ibi yòówù kí ìlà rẹ̀ wà. Oníbàárà ti jẹ ẹ̀dínwó 4,800 náà díẹ̀díẹ̀ láti oṣù dé oṣù.

Nígbà tí ẹ bá ń ṣe àyẹ̀wò yìí, ẹ mú oṣù tí kò ní ẹ̀bùn ọdún, owó iṣẹ́ àṣekún tàbí àfikún owó tuntun nínú, kí ìṣirò má baà rú. Bí òfin ìlú yín bá tún fún òṣìṣẹ́ ní iye kan tí owó orí kì í bá, ẹ rántí yọ ọ́ nínú ìdánwò méjèèjì. Bí iye kò bá bá èyíkéyìí nínú wọn mu, ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ń ṣètò owó oṣù, kí ẹ má ṣe méfò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: wá bí ó ṣe wọlé

Ọ̀dọ́ oníṣirò náà gbé fáìlì lọ bá ọ̀gá.

“Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fọwọ́ sí ìwé yìí. Ó jọ pé a ti ka owó ìfẹ̀yìntì inú owó oṣù wọn lẹ́ẹ̀mejì.”

Ọ̀gá kò gbé ojú kúrò lórí ìwé náà. “Bí a ṣe ṣe é lọ́dún tó kọjá nìyí. Ṣé lọ́dún tó kọjá náà la ti ṣàṣìṣe?”

Ìbéèrè náà tọ́, ìdáhùn rẹ̀ ló sì máa ń pinnu bóyá ọ̀ràn ìwé kan ni tàbí ti ìwé méjì. Wọ́n ṣí fáìlì ọdún tó kọjá. Ibi iṣẹ́ mìíràn ni oníbàárà wà nígbà náà, ó sì ṣí lọ sí ti ìsinsìnyí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún owó orí tuntun. Nínú ìwé ẹ̀rí ti ibi iṣẹ́ àtijọ́, odidi owó àti owó tí wọ́n ṣírò owó orí lé dọ́gba, kò sí àlàfo kankan. Agbanisíṣẹ́ yẹn ń gba owó orí lórí gbogbo rẹ̀, ó wá ń yọ owó ìfẹ̀yìntì kúrò nínú èyí tó kù. Ẹ̀dínwó ibẹ̀ kò ní ibòmíràn tí yóò gbà ju inú ìwé owó orí ọdún lọ. Ohun tí wọ́n ṣe lọ́dún tó kọjá tọ̀nà pátápátá.

Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ṣe àdàkọ ṣíìtì ọdún tó kọjá fún ọdún tuntun, ìlà tó sọ pé “owó ìfẹ̀yìntì láti inú owó oṣù” sì bá a wá. Ẹni tó kọ ìwé rí ìlà tó ṣófo, ó wá iye tó bá orúkọ rẹ̀ mu nínú àkọsílẹ̀, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀. Nínú irú fáìlì báyìí, ìyípadà iṣẹ́ ni àmì àkọ́kọ́ tí mo máa ń wò.

Ká ní ọdún tó kọjá náà wọ́ ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Dandan ni kí a sọ fún oníbàárà, kí a sì fi ìwé àtúnṣe ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí òfin ìlú ti là á sílẹ̀. A kò lè tún ti ọdún yìí ṣe kí a sì dákẹ́ lórí èyí tó ti lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: tún apá kan ṣoṣo ṣe

Àtúnṣe lè ba ìwé jẹ́ ju àṣìṣe náà lọ. Ẹni tí ìbẹ̀rù bá mú lè pa gbogbo 6,000 rẹ́. Owó tí owó orí bá yóò di 55,200, owó orí yóò di 8,800, oníbàárà kò sì ní gba ohunkóhun padà, bẹ́ẹ̀ ó ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀dínwó lórí 1,200 tó san fúnra rẹ̀. Ẹlòmíràn lè yí owó tó wọlé padà sí 60,000, kó tún dín ìyọkúrò kù sí 1,200. Ìyẹn ti tún apá méjèèjì ṣe: owó orí yóò fò sí 9,700, yóò sì dà bíi pé oníbàárà ṣì jẹ ìjọba ní 900.

Ọ̀nà méjì péré ló tọ̀nà, ibì kan náà ni wọ́n sì parí sí. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti 55,200, 1,200 nìkan ni a ó yọ. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti 60,000, a ó yọ 6,000. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fún wa ní 54,000. Èwo ni ká wá kọ? Ẹ ka àlàyé tó wà lórí fọ́ọ̀mù, kí ẹ sì wo iye tí agbanisíṣẹ́ ti fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ owó orí, nítorí pé iye yẹn ni wọ́n lè gbé sí ẹ̀gbẹ́ tiyín. Nínú ọ̀ràn yìí, 55,200 ni, nítorí náà, owó tó wọlé dúró bó ṣe wà, ìyọkúrò nìkan ló yí padà.

Owó orí lórí 54,000 jẹ́ 8,500. Ohun tí yóò padà wá jẹ́ 300, èyí tí ọ̀dọ́ oníṣirò náà ti retí láti ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní.

Ọ̀gá béèrè iye tí àṣìṣe náà ì bá fi dín owó ìjọba kù. Ẹlẹgbẹ́ náà yára dáhùn pé 1,200, ìyẹn ìpín 25 nínú ọgọ́rùn-ún 4,800. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyọkúrò tó lé yẹn ti fa owó náà sọ̀ kalẹ̀ kọjá 50,000: 4,000 nínú rẹ̀ wà lábẹ́ ìpín 25, 800 tó kù sì wà lábẹ́ ìpín 15. 1,000 pẹ̀lú 120 jẹ́ 1,120. Nígbà gbogbo tí àtúnṣe bá ré kọjá ààlà òṣùwọ̀n, ẹ tún gbogbo owó orí ṣírò láti òkè, kí ẹ wá yọ ọ̀kan nínú èkejì.

Kí a tó fi 1,200 sílẹ̀, ó yẹ kí òun náà jẹ́rìí ara rẹ̀. Ẹ wo ìwé ilé ìfowópamọ́ láti mọ̀ pé inú àpò oníbàárà ló ti jáde, àti pé ọjọ́ rẹ̀ bọ́ sínú ọdún owó orí náà. Ní àwọn ìlú kan, àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì fúnra wọn ló máa ń gba ẹ̀dínwó lọ́wọ́ ìjọba, tí wọ́n á sì fi kún owó ẹni náà. Bí ẹ bá rí irú ìlà bẹ́ẹ̀ nínú àkọsílẹ̀, ó lè jẹ́ pé a ti fẹ́ ka èyí náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì sọ ọ́ fún oníbàárà

Àkọsílẹ̀ inú fáìlì kò gbọdọ̀ gùn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò sí níbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Èyí ni ọ̀dọ́ oníṣirò náà kọ: “Agbanisíṣẹ́ ti yọ 4,800 owó ìfẹ̀yìntì kó tó ṣírò owó orí. Ẹ̀rí: àlàfo 60,000 sí 55,200 nínú ìwé ẹ̀rí owó ọdún, àti owó orí 733.33 nínú ìwé owó oṣù, tó bá 4,600 mu. Mo dín ìyọkúrò kù láti 6,000 sí 1,200. Owó orí kúrò ní 7,380, ó di 8,500. Mo yẹ ọdún tó kọjá wò: ibi iṣẹ́ mìíràn ni, àlàfo kò sí, ìyọkúrò tọ̀nà.” Kò kọ orúkọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ síbẹ̀, kò sì sí ìdí tí yóò fi kọ ọ́.

Ti oníbàárà ló nira díẹ̀, torí wọ́n ti sọ fún un lórí fóònù pé 1,420 ń bọ̀. Ọ̀gá ló pè é fúnra rẹ̀, èyí tó dára, nítorí pé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó kéré jù. Kò fi òfin bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí oníbàárà mú ìwé owó oṣù èyíkéyìí, kó sì wo iye owó orí tó wà níbẹ̀, ó wá sọ fún un pé bí kì í bá ṣe ti owó ìfẹ̀yìntì, 833.33 ni wọn ì bá máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣooṣù dípò 733.33. 100 lóṣù, 1,200 lọ́dún, ti wà lápò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Oníbàárà dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ó dáa, ó ti yé mi,” ó sì ní kí wọ́n fi ìwé tuntun ránṣẹ́ kí òun fọwọ́ sí i. Ẹ má ṣe lo ìfọwọ́sí tó wà lórí èyí àtijọ́. Ìwé tí iye rẹ̀ ti yí padà ti di ìwé mìíràn.

Ìgbésẹ̀ keje: yí ṣíìtì náà padà

Ọ̀dọ́ oníṣirò náà kò pa ìlà “owó ìfẹ̀yìntì láti inú owó oṣù” rẹ́ kúrò nínú ṣíìtì, torí àwọn oníbàárà mìíràn wà tí wọ́n nílò rẹ̀. Ó fi ìlà méjì sókè rẹ̀, ọ̀kan fún odidi owó, èkejì fún owó tí agbanisíṣẹ́ ṣírò owó orí lé, ó sì jẹ́ kí ṣíìtì fúnra rẹ̀ yọ ọ̀kan nínú èkejì. Bí èsì kò bá jẹ́ òfo, ẹni tó ń kọ ìwé gbọ́dọ̀ kọ ohun tó wà nínú àlàfo náà kó tó kọ iye kankan sí ìlà owó ìfẹ̀yìntì. Ó tún rí i pé àdàkọ ọdún tuntun kì í gbé orúkọ agbanisíṣẹ́ wá mọ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ni yóò máa tẹ̀ ẹ́ láti orí ìwé ẹ̀rí. Ọ̀gá fọwọ́ sí ìwé náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, pẹ̀lú 300 ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n kó àwọn fáìlì tí oníbàárà inú wọn pààrọ̀ iṣẹ́ lọ́dún yẹn jáde kí a tún wọn wò kí èyíkéyìí tó lọ.